Ìsọníṣókí tí a kò sọ ìwọ̀n rẹ̀

Ìsọníṣókí tí a kò sọ ìwọ̀n rẹ̀ ni èyí tí ẹnìkan bẹ ẹlòmíràn pé kó bá òun ṣe lórí ìwé tàbí ọ̀rọ̀ gígùn, láìsọ bí yóò ṣe gùn tó tàbí ohun tó yẹ kó dá lé. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ ní ṣókí,” ó parí. Ohun tí olùkà fẹ́ fi í ṣe ló ń pinnu èyí tí a ó mú àti èyí tí a ó fi sílẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí ṣàjèjì sí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, ìbéèrè fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ kókó tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá àti iye gbólóhùn tí yóò fi dáhùn. Ìlànà àtijọ́ tó ní kí á gé àyọkà kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìlànà yìí dé ibi iṣẹ́ yóò sọ ìwé ojú ewé mẹ́sàn-án di mẹ́ta, nígbà tí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ ń kà á lórí fóònù nínú ọkọ̀. Àléébù tó tún burú jù ni pé yóò gé gbogbo ìpínrọ̀ kù lọ́gbọọgba, tí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé yóò fi gba àyè bíi ti ìpinnu tó kan owó.

Ẹ jẹ́ ká wo àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ onílé kan, ojú ewé mẹ́sàn-án. Tiransifọ́mà àdúgbò ti jó, àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ₦960,000, ilé 64 ni yóò sì dá a, ₦15,000 lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé 41 ti san, èyí jẹ́ ₦615,000. Oníṣẹ́ ní òun kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan àyàfi tí wọ́n bá kó ₦672,000 sílẹ̀ fún òun. Ìpàdé fi ọjọ́ kẹrìnlá oṣù ṣe gbèdéke, wọ́n sì ní tí ilé iṣẹ́ iná bá gbé tuntun wá ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn yóò dá owó olówó padà. Ojú ewé mẹ́rin gbáko jẹ́ àríyànjiyàn lórí bóyá ayálégbé ni yóò san án tàbí onílé.

Onílé tó ń gbé ìlú mìíràn kò nílò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: iye tí yóò san, ọjọ́ tí gbèdéke pé, àti ohun tó lè mú kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Ti akápò yàtọ̀. Ohun tó kàn án ni pé owó àsansílẹ̀ ṣì ku ₦57,000, ìyẹn ni pé bí ilé mẹ́rin péré bá tún san, iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Iye yìí kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà rárá, ẹni tó ń sọ ọ́ ní ṣókí ló máa ṣírò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó wá parí ìjà onílé àti ayálégbé ńkọ́? Ojú ewé mẹ́rin tí àwọn méjì ìṣáájú fò ni iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó sọ èwo.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń tètè bọ́ sọnù ni “tí” àti “àyàfi”, nítorí wọ́n kéré lójú. Bí a bá kọ “wọn yóò dá owó padà” láìfi “tí” sí i, onílé ọ̀nà jíjìn yóò máa retí owó tí ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí.

Láti mọ ohun tí olùkà fẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo tó: “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” Ó sàn ju “Báwo ni kó ṣe gùn tó?” lọ, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìdáhùn sí èyí títí wọn yóò fi rí i. Bí kò bá sí àyè láti béèrè, a máa ń wo ipò ẹni náà, bóyá ó wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tó kù tí yóò ṣe kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó wà ní ìpàdé kò nílò ìtàn bí tiransifọ́mà ṣe jó.

Níbi tí gbogbo èyí kò bá ti hàn, ìpinnu ni a máa ń gbé síwájú, iye àti ọjọ́ a tẹ̀ lé e, kò sì gbọdọ̀ ju ohun tí ojú fóònù kan gbà lọ. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ìlà kan sọ ohun tí a yọ, bí àpẹẹrẹ: “Àríyànjiyàn lórí ayálégbé wà ní ojú ewé 4 sí 7.” Bí olùkà bá padà wá béèrè ohun tó wà nínú ìwé gan-an, tí ìlà yìí kò sì tọ́ka síbẹ̀, a ti gé ibi tí kò yẹ.