Jínì Nàìjíríà kéré sí ti Amẹ́ríkà: ṣé owó wá pín kárí níbí ni?

Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa: "Jínì Nàìjíríà ò ju 35 lọ, ti Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi 41. Ẹ ò rí i pé owó pín kárí lọ́dọ̀ wa ju tiwọn lọ?" Jínì ni òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí owó ṣe pín láàárín ará ìlú; bó bá ṣe kéré tó ni owó ṣe pín dọ́gba tó. Òǹkà méjèèjì kì í ṣe irọ́. Iléeṣẹ́ ìṣirò Nàìjíríà ló gbé 35.1 jáde láti inú ìwádìí ọdún 2018 sí 2019, òǹkà Bánkì Àgbáyé fún Amẹ́ríkà sì ń rìn yí ká 41. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ló ṣìnà. Ó sì ń dùn mí, torí òǹkà yìí ni wọ́n fi ń pa ẹni tó bá ń ké pé òun ò rí jẹ lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí òǹkà náà ti wá. Lọ́dún 1905, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Máàsì Lọ́rẹ́ńsì ní ká to gbogbo ènìyàn láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tó lówó jù. Lẹ́yìn náà, ká béèrè pé: ìdá 20 nínú 100 tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èló nínú owó ìlú ló wà lọ́wọ́ wọn? Ìdá 40 ńkọ́? Ìdá 60 ńkọ́? Bí a bá ya ìdáhùn náà sórí ìwé, tí owó sì pín dọ́gba, ìlà náà á lọ tààrà láti igun ìsàlẹ̀ dé igun òkè. Bí kò bá dọ́gba, ìlà náà á tẹ̀ wálẹ̀ bí okùn tí a sá aṣọ tútù sí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Korado Jini ará Ítálì wá wọn àlàfo tó wà láàárín ìlà tó tọ́ àti èyí tó tẹ̀, ó sì fi wé gbogbo àyè tó wà lábẹ́ ìlà tó tọ́. Òdo ni bí gbogbo ènìyàn bá ń gba iye kan náà. Bí gbogbo owó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, òǹkà náà á sún mọ́ 100.

Àlàfo nìkan ni Jínì ń wọ̀n. Kì í sọ ibi tí okùn ti tẹ̀. Ẹ wo agbo ilé méjì, ènìyàn márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ owó oṣù wọn jẹ́ ₦300,000. Nínú agbo ilé kìíní, ẹni mẹ́rin ń gba ₦30,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹnì karùn-ún ń gba ₦180,000. Nínú agbo ilé kejì, ẹni méjì ò gba kọ́bọ̀, àwọn mẹ́ta yòókù sì ń gba ₦100,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: 40 ni Jínì agbo ilé méjèèjì. Ìlà wọn kọjá lórí ara wọn, ti agbo ilé kejì tẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ti kìíní tẹ̀ púpọ̀ lápá òkè, àlàfo wọn sì jọra. Ṣùgbọ́n ebi tó wà nínú èkejì ò sí nínú ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó tóbi jù wà. Owó tó ń wọlé fún ìdílé ni wọ́n fi ṣírò 41 ti Amẹ́ríkà. Ohun tí ìdílé ń ná àti ohun tí wọ́n ń jẹ ni wọ́n fi ṣírò 35.1 tiwa, torí ẹni tó ń ta ata tàbí tó ń dáko kì í ní ìwé owó oṣù tí a lè béèrè, ṣùgbọ́n ó lè sọ ohun tó rà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀nà náà dára fún wíwo òṣì. Àmọ́ kò ṣeé gbé lé òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà. Nínú agbo ilé kìíní, ká ní àwọn mẹ́rin ná gbogbo ₦30,000 wọn, ẹnì karùn-ún ná ₦100,000, ó sì fi ₦80,000 pamọ́. Bí a bá fi ohun tí wọ́n ná ṣírò, Jínì á já láti 40 wá sí nǹkan bíi 25. Kò sẹ́ni tó fún aládùúgbò rẹ̀ ní kọ́bọ̀ kankan. Ohun tó yí padà ni ìbéèrè tí a bi wọ́n.

Àwọn olówó gan-an sì ṣòro láti bá nílé nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Wọn ò pọ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ilé wọn má bọ́ sínú àwọn tí wọ́n yàn. Bó bá sì bọ́ sí i, mẹ́gáàdì lè má ṣí géètì fún ẹni tó mú ìwé ìbéèrè dání. Apá òkè okùn á wá fara hàn bí ẹni pé kò tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n níbẹ̀ àwọn onímọ̀ lè fi ìwé owó orí ṣàtúnṣe rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ka Jínì fún yín, ẹ béèrè bóyá ohun tó ń wọlé ni tàbí ohun tí wọ́n ń ná. Kí ẹ tún béèrè iye tó kan ìdá 40 tó wà nísàlẹ̀. Nínú agbo ilé kìíní, ìdá 20 nínú 100 owó náà ló wà lọ́wọ́ wọn. Nínú èkejì, òdo ni.