Ọlọ́dẹ ni àì-sí-dì, kì í wo ọkàn sàn

Bí a bá gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí ẹnì kan láyà, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé, "A dúpẹ́, ọkàn rẹ̀ ti dá nìyẹn." Èrò yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń kó èèyàn sí wàhálà. Ẹni tí wọ́n ní kó gba ẹ̀rọ náà á ní ara òun le, pé kí ni òun fẹ́ fi ìwòsàn ṣe. Ẹni tó ti gbà á náà á dá oògùn dúró, torí ó gbà pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oògùn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ọ̀hún bá wá ta á nípàá, ilé á dàrú. Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, àwọn kan á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé iná wà lára rẹ̀.

Àì-sí-dì ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ yìí ní ọsibítù. Ó fẹ̀ díẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, abẹ́ awọ lẹ́bàá egungun èjìká òsì ni wọ́n sábà máa ń rì í sí. Wáyà kan ń ti ara rẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọnú ọkàn lọ. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló ń ṣe níbẹ̀, tọ̀sán-tòru. Ọlọ́dẹ kì í mọ ògiri tó wó, kì í sì í kan ilẹ̀kùn tó já. Ó ń ṣọ́ ilé ni, bí olè bá sì wọlé, á kojú rẹ̀. Olè tí àì-sí-dì ń ṣọ́ ni ìgbà tí ìsàlẹ̀ ọkàn bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré àsápajúdé, tàbí tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì dípò kó máa fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ mọ́, èèyàn á ṣubú. Bí nǹkan kan ò bá dá ọkàn ọ̀hún padà sípò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí. Irú ikú yìí làwa máa ń pè ní "ó kàn ṣubú ni, kò ṣàìsàn."

Ẹ má fi í wé pésímékà. Pésímékà wà fún ọkàn tó ń lọ́ra jù, ó kàn ń rọra tì í síwájú ni. Àì-sí-dì lè ṣe ìyẹn náà, àmọ́ torí ọkàn tó ń ṣàdédé sáré bẹ́ẹ̀, kó lè fi iná ta á padà sípò, ni wọ́n ṣe ń fi í síni láyà.

Michel Mirowski, dókítà tí wọ́n bí ní Póláńdì, ló bẹ̀rẹ̀ ìrònú rẹ̀. Ní 1966, Harry Heller, ọ̀gá rẹ̀ ní Ísírẹ́lì, kú lójijì nítorí ọkàn tó ń sáré bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé àìsàn náà wà lára rẹ̀, àmọ́ kò sí bí èèyàn ṣe lè máa gbé inú ọsibítù títí ayé, lẹ́bàá ẹ̀rọ ńlá tó ń fi iná jí ọkàn. Mirowski ní, ká kúkú fi ẹ̀rọ náà sínú ara. Ní February 4, 1980, wọ́n fi àkọ́kọ́ sára èèyàn ní ọsibítù Johns Hopkins ní ìlú Baltimore. Nígbà yẹn, àyà ni wọ́n ń là, inú ikùn ni wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ sí.

Ta ló wá nílò rẹ̀? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró bẹ́ẹ̀ rí tí wọ́n jí i padà, láìsí ohun kan tí wọ́n lè tọ́ka sí pé òun ló fà á tó sì ti kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí àríyànjiyàn lórí tirẹ̀. Àwọn tí àìsàn ọkàn kan ń bẹ nínú ẹbí wọn, tí ọ̀dọ́ ń tibẹ̀ kú lójijì, lè wà lára wọn náà. Àwọn tó pọ̀ jù, tó sì máa ń jiyàn jù, ni àwọn tí nǹkan kan kò tíì ṣe rí. Àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá kan ṣàpẹẹrẹ, ẹni ọdún 61, ọmọ Òṣogbo tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Iṣan kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀ dí pa, wọ́n là á, wọ́n sì fún un ní oògùn. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀, ìdá 28 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ọkàn ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan tó bá lù. Ti ọkàn tó le máa ń tó ìdá 55 ó kéré tán. Wọn ò sáré fi ẹ̀rọ sí i. Oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ fún láyè fún oṣù 3, torí ọkàn ẹlòmíì máa ń gbéra padà débi tí kò ní nílò ẹ̀rọ mọ́. Lẹ́yìn irú ìkọlù ọkàn bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, wọ́n máa ń dúró tó ọjọ́ 40. Ìwádìí ti fi hàn pé kíkánjú fi í síni ṣáájú ìgbà yẹn kì í dín iye ẹni tó ń kú kù. Nígbà tí wọ́n tún àwòrán yà, ó di 30. Ìdá 35 sísàlẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń dá a lábàá, bí oògùn bá ti ṣe gbogbo èyí tó lè ṣe.

Bàbá ní, "Dókítà, mò ń gun àtẹ̀gùn, mò ń lọ sọ́jà. Ara mi ti yá." Òótọ́ ló sọ, ara rẹ̀ yá. Àmọ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé lọ́jọ́ ìkọlù ti kú, ó ti di àpá. Iná tó ń mú ọkàn lù kì í lè gba àárín àpá kọjá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbà. Lọ́jọ́ kan, ó lè máa yí àpá náà po láìdúró, bí ọkọ̀ tó wọ ráńdàbáòtù tí kò rí ọ̀nà àbájáde. Bí ọkàn ṣe ń sáré àsápajúdé nìyẹn. Àpá kì í dunni, kì í sì í ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "ara mi yá" kò fi dáhùn ìbéèrè tí dókítà béèrè.

Mi ò sọ pé kí gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀ gbà á o. Ẹni tí àìsàn mìíràn kò ní jẹ́ kó lo ọdún kan sí i, ẹ̀rọ yìí kò wúlò fún un, ṣe ló máa kàn fìyà jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan sì tún kan àwa gan-an, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́, kì í ṣe iṣan tó dí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Dẹ́ńmáàkì, tí wọ́n gbé jáde ní 2016, lórí àwọn tí ọkàn wọn kò ṣe dáadáa láìjẹ́ pé iṣan wọn dí, fi hàn pé ẹ̀rọ náà dín ikú òjijì kù, àmọ́ kò dín àpapọ̀ iye ẹni tó kú kù. Àwọn tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ló jọ pé wọ́n jàǹfààní. Nítorí náà, ẹ bi dókítà yín pé kí ló ba ọkàn yín jẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀yin tó sì ń wa bọ́ọ̀sì tàbí tírélà ní Bìrìtéènì, ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi àì-sí-dì síni láyà, ìwé àṣẹ irú iṣẹ́ yẹn ti lọ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín sọ ọ́ ṣáájú.

Bàbá gbà níkẹyìn. Nǹkan bí wákàtí kan ni iṣẹ́ náà gbà. Ní oṣù 14 lẹ́yìn náà, ó ń ṣan ìrẹsì nídìí sínkì ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, ó di etí sínkì mú, ó sì dà bí ẹni pé ẹṣin ta á nípàá láyà. Abọ́ já bọ́, ìrẹsì fọ́n sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án.

Kò sí ohun tó yẹ kó bẹ̀rù. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹni tí àì-sí-dì ń ta lè gbọ́ kinní kan tó jọ pé ara ń ta òun wínníwínní, kò ní pa á lára. Ẹ mú un jókòó tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ, ẹ wo aago, kí ẹ sì dúró tì í. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ta á, tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tí ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, tí àyà kò dùn ún, tí kò sì mí hẹlẹhẹlẹ, kì í ṣe áńbúláǹsì ló kàn. Ẹ pe ibi tí wọ́n ti ń bójú tó ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ náà, tàbí lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá tún ṣí. Àmọ́ bó bá ta á lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, tàbí ó ta á lẹ́ẹ̀kan péré ṣùgbọ́n ó dákú, àyà ń dùn ún, èémí ń hán an tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, ẹ pe 999 ní Bìrìtéènì, 911 ní Amẹ́ríkà, 112 ní Nàìjíríà. Kó má fúnra rẹ̀ wakọ̀ lọ.

Bó bá ṣubú tí kò dáhùn, tí kò sì mí bí èèyàn ṣe ń mí, ẹ má dúró de ẹ̀rọ. Ẹ ránṣẹ́ pe áńbúláǹsì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá-lé-lọ́gọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá rí irú ẹ̀rọ tó ń fi iná jí ọkàn, tó máa ń wà lára ògiri ní ibùdókọ̀, ẹ lò ó. Kí ẹ ṣáà má lẹ bébà rẹ̀ mọ́ orí ibi tí àì-sí-dì mú kó wú láyà gan-an.

Ti bàbá yìí jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ara rẹ̀ sì wálẹ̀. Àpótí kékeré tó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí ọsibítù, wọ́n sì kà á lówùúrọ̀ Mọ́ńdè. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní 214 ní ìṣẹ́jú kan, láti ìsàlẹ̀ wá. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ lù ú kíákíá lọ́nà tí kì í dunni, bóyá á já a gbà. Kò já. Ó gba iná sára fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ta á, ọkàn sì padà sí 72. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ṣá, torí ó máa ń ṣèèṣì nígbà mìíràn. Wáyà tó sán lè purọ́ fún un, òkè ọkàn tó ń sáré náà sì lè tàn án jẹ.

Nọ́ọ̀sì wá béèrè oògùn. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 2 tó ti fi èyí tó ń mú ọkàn rọra lù sílẹ̀, torí ó ń mú kó rẹ̀ ẹ́, "ẹ̀rọ ṣáà wà níbẹ̀." Inú tún ti ń ṣu ú láti Ọjọ́bọ̀, èyí tó ti gbé pòtásíọ́ọ̀mù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ru àpá yẹn sókè. Wọ́n dá oògùn padà ní ìwọ̀n tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè máa gbé e gòkè, wọ́n fi pòtásíọ́ọ̀mù kún un, wọ́n ní kó sọ fún DVLA, iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ní Bìrìtéènì, kó má sì wakọ̀ fún oṣù 6.

Ó fẹ́ lọ sí Òṣogbo ní December. Wọn ò dí i lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní káàdì tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà àti nọ́ńbà rẹ̀ wà, wọ́n sì ní kó wádìí ṣáájú ọsibítù tó ní kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ yẹn gan-an nílé, torí ti ilé-iṣẹ́ kan kì í ka ti èkejì. Ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú káàdì náà sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ báyìí, òun náà ló sì ń ka oògùn sínú ike lálaalẹ́ Sunday.