Ọ̀rọ̀ Ti Dùn, Ṣé Àdéhùn Ò Yí Padà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kòkó la ń rà ní Oǹdó, tá a ń kó lọ fún oníbàárà ní Àkúrẹ́. Mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́, akọ̀wé wa tún un kọ kó lè dùn ún kà. Iye àpò pé, ọjọ́ pé. Kí ló dé tí oníbàárà fi ní a yẹ àdéhùn?

Ìdáhùn: Ẹ gbé méjèèjì síra wọn. Ká ní ohun tẹ́ ẹ kọ rèé: "Àpò 48 la ní. 32 ti gbẹ, a ó kó o wá ní Ọjọ́bọ̀ bí ọkọ̀ bá dé. 16 kò tíì gbẹ tán." Kí akọ̀wé wá kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àpò 48 ti wà nílẹ̀ fún yín. 32 ti gbẹ dáadáa, 16 náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ máa retí wa ní Ọjọ́bọ̀."

Kò sí nọ́mbà kan tó yí padà lóòótọ́. Àmọ́ "bí ọkọ̀ bá dé" ti dàwátì, ohun tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ wá di ìlérí yín. Ọjọ́bọ̀ tó jẹ́ ti àpò 32 nìkan ti bo gbogbo 48 mọ́lẹ̀. Bí àpò bá jẹ́ kílò 62.5, 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan: tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni oníbàárà ń retí, méjì lẹ ó gbé dé. "Kò tíì gbẹ tán" ń sọ fún un pé kó má retí 16 yẹn, torí kòkó tí omi inú rẹ̀ bá ju nǹkan bí 8 nínú 100 lọ á bu nínú àpò. "Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ" sọ fún un pé kó máa retí rẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má ka tuntun kọ́kọ́, adùn rẹ̀ á gbé yín lọ. Inú ti àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀: iye, ohun tí iye náà ń kà, ẹni tó máa ṣe é, ìgbà wo, àti ohun tó lè dí i. Ẹ fàlà sábẹ́ "bí… bá", "àfi", "kò tíì", "ó kéré tán" àti "nǹkan bí". Àwọn wọ̀nyí ni atúnkọ máa ń gé kúrò jù, torí wọn kì í dùn létí. Kẹ́ ẹ wá wá ìlà kọ̀ọ̀kan nínú tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú tuntun padà: èyí tí kò bá ní orísun nínú ti àkọ́kọ́, àfikún ni.

Bí owó bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ fún ẹni tí kò rí ti àkọ́kọ́ kà, kẹ́ ẹ bi í pé, "Àpò mélòó ló ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀?" Bó bá dáhùn pé 48, ẹ má fi ránṣẹ́.

Ìbéèrè: Ọjọ́ ńkọ́? Ṣé òun náà máa ń yí?

Ìdáhùn: Ó máa ń yí gan-an. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 14, ìjẹta ni Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12, torí Yorùbá ń ka òní mọ́ ọn. Bí akọ̀wé bá sọ ìjẹta di "ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn", ọ̀pọ̀ èèyàn á kà á sí ọjọ́ 11. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀túnla ṣe ń di "ọjọ́ mẹ́ta sí i". Orúkọ ọjọ́ àti nọ́mbà rẹ̀ pọ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ.