Má fi fúùlù Kelly ta gémù tí o ò mọ̀ dájú

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń gbé ìwé gémù wá bá mi ní Tàkié, ẹ gbọ́. Ó ti sú mi kẹ́ ẹ máa sọ fún mi pé "ẹ̀gbọ́n, Kelly ló ní kí n fi pásẹ́ǹtì mẹ́rìnlá owó mi lé gémù yìí." Kelly, fọ́múlà tó ń sọ iye owó tó yẹ kéèyàn fi lé gémù, ò sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó o kó fún Kelly ló sọ bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà yẹn gan-an ni mo sì ń bá yín jà lé lórí.

Fọ́múlà yẹn fúnra ẹ̀ ò le. John Kelly tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1956, Edward Thorp wá fi ta káàdì, nígbà tó yá ó tún fi ra ṣíà. Bó ṣe rí nìyí:

```
f = (p × d − 1) / (d − 1)
```

d ni ọ́ọ̀dì, p ni bó o ṣe gbà pé gémù náà á ṣe wọlé tó, f ni ìdá tó o máa yọ nínú owó ìta rẹ. Tí f bá bọ́ sábẹ́ òdo, fi gémù yẹn sílẹ̀. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ọmọ kan wá láti Ọ́ńdá Jí lẹ́yìn LAUTECH, ó kọ gbogbo gémù ẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn dùn mọ́ mi torí ọ̀pọ̀ yín kì í kọ nǹkan kan. Ogójì gémù, gbogbo ẹ̀ ní ọ́ọ̀dì 2.10, 22 wọlé. Ó ní p òun jẹ́ 0.55. Ó ṣírò: 0.55 lọ́nà 2.10 jẹ́ 1.155, yọ ẹyọ kan kúrò ó ku 0.155, fi 1.10 pín in, ó jẹ́ 0.1409. Owó ẹ̀ jẹ́ ₦100,000, torí náà ₦14,090 ló fẹ́ fi lé gémù kan. Ìṣirò ẹ̀ pé, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. 0.55 yẹn ni wàhálà.

Ogójì gémù kéré jù. Bó o bá fẹ́ mọ bí p rẹ ṣe lè yẹ̀ tó, fi p lọ́nà ohun tó kù kó pé ẹyọ kan, fi iye gémù pín in, kó o wá wá rúùtù ẹ̀. Ti ọmọ yẹn jẹ́ nǹkan bíi 0.08. Àwa tá a kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì sókè, lẹ́ẹ̀mejì sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé p ẹ̀ gidi lè wà níbikíbi láàárín 39 sí 71 pásẹ́ǹtì. Bẹ́ẹ̀ ọ́ọ̀dì 2.10 ń fẹ́ kó o máa jẹ ju 47.6 pásẹ́ǹtì lọ kó o tó jèrè rárá. Ìyẹn ni pé ìwé ẹ̀ ò tíì lè sọ bóyá ó mọ gémù tà tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ká ní 400 gémù ló kọ, ìyẹ̀ yẹn á wálẹ̀ sí 2.5 pásẹ́ǹtì. Ohun kan tún wà táwọn èèyàn kì í rò: gémù tí p tìrẹ bá ga ju ti ọ́ọ̀dì lọ nìkan lo máa ń ta, àwọn gémù tó o sì ti fojú inú gbé p ga jù náà ló máa ń pọ̀ nínú wọn, torí náà àṣìṣe rẹ kì í sábà pín sí méjì dọ́gba, òkè ló máa ń yẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣàánú ẹ̀, ká ní p ẹ̀ gidi jẹ́ 0.50. Ó ṣì mọ gémù tà o, nínú ₦100 tó bá fi lélẹ̀ á máa jèrè ₦5 ní ìpíndọ́gba. Ṣùgbọ́n Kelly gidi fún 0.50 jẹ́ 4.5 pásẹ́ǹtì péré, òun sì ń fi 14 ta. Jẹ́ kó jẹ kan kó pàdánù kan. ₦100,000 di ₦115,500 nígbà tó jẹ, ó wá tún yọ pásẹ́ǹtì 14.09 nínú ẹ̀, ó pàdánù ẹ̀, ó ku nǹkan bíi ₦99,200. Ọ̀kan wọlé ọ̀kan gé, ọ́ọ̀dì 2.10, owó sì dín! Tó bá ta ọgọ́rùn-ún gémù bẹ́ẹ̀, tí àádọ́ta wọlé, á ku bíi ₦68,000. Ẹni tó mọ gémù tà ló ń pàdánù yẹn. Bó o bá ti fi ohun tó ju ìlọ́po méjì Kelly gidi lọ ta, owó rẹ á máa dín bó ti wù kó o mọ̀ ọ́n tó, ti ọmọ yìí sì ti kọjá ìlọ́po mẹ́ta.

Wàyí o, ká ní ìdá kan nínú mẹ́rin 14.09 yẹn ló fi ta, ìyẹn 3.5 pásẹ́ǹtì. Jẹ kan pàdánù kan, ₦100,000 di bíi ₦100,200. Ọgọ́rùn-ún gémù kan náà, àádọ́ta kan náà tó wọlé, á ní bíi ₦111,000. Gémù ò yí padà, ọ́ọ̀dì ò yí padà.

Ẹ máa ní tí 0.55 yẹn bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Tó o bá fi ìdajì Kelly ta, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bí owó ṣe ń dàgbà ṣì ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ìdá kan nínú mẹ́rin Kelly á fún ẹ ní díẹ̀ tí kò tó ìdajì. Ohun tó o pàdánù nìyẹn, kò pa èèyàn. Fúùlù Kelly ní tiẹ̀, ìyẹn kó o fi gbogbo f tí fọ́múlà bá mú jáde ta, kódà tí p rẹ bá pé pérépéré, bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì ló ṣeé ṣe pé lọ́jọ́ kan owó rẹ á já sí ìdajì ohun tó o fi bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú ìdajì Kelly, ó jẹ́ bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ.

Àwọn tó ń ta "fíkísì" lórí Tẹ́lígíráàmù ni mo ń bọ̀ wá bá. Wẹ́dà kan ní ọ̀nà Ìlọrin ra gémù lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn ní ₦5,000, ọ́ọ̀dì 1.80, ẹni náà ní 80 pásẹ́ǹtì gémù òun ló ń wọlé. Wẹ́dà yìí gbọ́ nípa Kelly lẹ́nu aládùúgbò, ó kó 0.80 sínú fọ́múlà, fọ́múlà ní kó fi 55 pásẹ́ǹtì lé e. Ó ní ₦200,000 tó fẹ́ fi ra jẹnẹrétọ̀. Ó fi ₦110,000 lé e, ó gé. Ó tún ṣírò, ó fi ₦49,500 lé e lọ́jọ́ kejì, òun náà gé. Ó ku ₦40,500. Ó pe ẹni tó ta gémù fún un, ìyẹn ní orí ẹ̀ ló wúwo, kó lọ ṣe sàárà, kó tún fi ọṣẹ àwúre wẹ̀ kó tó ta òmíràn, kó sì fi ìlọ́po méjì owó lé e kó fi gba tàná padà. Inú bí mi débi pé mo ní kó gbé fóònù fún mi. Ẹni tó bá ń jẹ 80 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọ́ọ̀dì 1.80 ń jèrè ₦44 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, kí ló fẹ́ fi ₦5,000 ọmọlọ́mọ ṣe? Gémù tó gé kọ́ ló jẹ owó jẹnẹrétọ̀ yẹn, 0.80 tẹ́nì kankan ò kọ ìwé ẹ̀ sílẹ̀ ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é fáwọn tó wà lọ́wọ́ mi nìyí. Tó ò bá tíì kọ ìwé gémù tó pọ̀, mi ò ní gbà kó o fi Kelly kankan ta, iye kékeré kan náà ni kó o máa fi lé gbogbo ẹ̀, pásẹ́ǹtì kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti tó 400, tí nǹkan ṣì dáa, ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn tí mo gbà fún láti fi ìdajì ta ò pọ̀ rárá. Kó o sì kọ nǹkan kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo gémù: ọ́ọ̀dì tó o fi ta, àti ọ́ọ̀dì tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Bó o bá ta 2.10, tó di 1.95 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ gémù rẹ, p rẹ ní nǹkan nínú, kódà tí gémù bá gé. Àmọ́ tó bá jẹ́ 2.30 ló máa ń dà, má bi mí ní Kelly.