Ìlà tó dorí kodò lórí bébà ọkàn bàbá: kí ni P, QRS àti T ń sọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, mo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ṣe ẹlẹ́kítírò, àyẹ̀wò tó ń ya iná ọkàn sórí bébà, fún bàbá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà sì ní ó dáa. Ṣùgbọ́n mo wo bébà náà títí, n kò mọ orí rẹ̀ mọ́ ìdí. Kí ni P, kí ni QRS, kí ni T? Èwo sì ni ti ibi tí wọ́n kọ aVR sí, tí gbogbo rẹ̀ dorí kodò?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú bàbá. Mo ti wo fọ́tò bébà tí o fi ránṣẹ́, òun gan-an la ó jọ kà. Fi aVR sílẹ̀ ná. Etí bébà ni kí o kọ́kọ́ wò, níbi tí ẹ̀rọ tẹ 25 mm/s àti 10 mm/mV sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò ó, bẹ́ẹ̀ òun ló sọ bí a ó ṣe wọn gbogbo ìyókù. Èyí àkọ́kọ́ ní bébà ń sáré mìlímítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ilé wínníwínní tó wà lórí bébà, tí àwa níbí ń pè ní kàró, mìlímítà kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà kàró kékeré kan dúró fún 0.04 ìṣẹ́jú àáyá. Márùn-ún wọn ló ṣe kàró ńlá kan, ìyẹn 0.2. Èyí kejì jẹ́ ti gíga: iná mìlífóòtì kan á ga ní mìlímítà mẹ́wàá. Ẹ̀rọ máa ń ya àmì kan tó rí bí ẹnu ọ̀nà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, tó ga ní kàró ńlá méjì gẹ́lẹ́. Ti bàbá rẹ ga tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ka bébà tó sáré ní 50 mm/s bí ẹni pé 25 ni. Ọkàn tó ń lù nígbà 80 ní ìṣẹ́jú kan di 40 lójú rẹ̀, ó sì ti ń wá dókítà kiri.

Okùn mẹ́wàá ni wọ́n so mọ́ bàbá, ẹ̀rọ sì ń fi wọ́n wo ọkàn láti ibi méjìlá. Ojú ni n ó máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́ sí ìlà gígùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ti ojú II. Ṣóńṣó tó mú bí abẹ́rẹ́ yẹn ni R. Ka kàró kékeré láti orí R kan dé orí èkejì: 21 ni mo kà. Kàró kékeré 1500 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà fi 21 pín 1500, wàá rí nǹkan bíi 71. Láàárín 60 sí 100 ni a ń retí lára àgbàlagbà tó ń sinmi. Àlàfo wọn náà dọ́gba. Bó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n ṣe é fún, o lè rí i pé àwọn R súnmọ́ra nígbà tí o mí sínú, tí wọ́n sì jìnnà síra nígbà tí o mí síta. Ọkàn ọ̀dọ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àrùn.

Má wá ìtumọ̀ lẹ́tà wọ̀nyẹn o. Wílẹ́mù Áíntófẹ̀n, dókítà ará Họ́láńdì tó gba ẹ̀bùn Nóbẹ̀ẹ̀lì ní 1924, ló sọ wọ́n lórúkọ láti P lọ dé T. Wọn kì í ṣe ìkékúrú ọ̀rọ̀ kankan.

Ìgbì kékeré tó ṣe rogodo ṣáájú ṣóńṣó ni P. Ọkàn ní yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Lókè yàrá apá ọ̀tún, ibì kan wà tó ń ṣáná fúnra rẹ̀. Iná yẹn á ràn ká yàrá òkè méjèèjì, ìràn náà ni ẹ̀rọ yà sí P. Iná ni bébà ń yà, kì í ṣe fífún tí ẹran ọkàn ń fún. Fífún ń tẹ̀ lé iná lẹ́yìn díẹ̀. Ní ojú II, P gbọ́dọ̀ kọjú sókè, kó má fẹ̀ tó kàró kékeré mẹ́ta, kó má sì ga ju méjì àbọ̀ lọ. Ti bàbá fẹ̀ ní méjì, ó ga ní ọ̀kan àbọ̀. P kan ló wà ṣáájú QRS kọ̀ọ̀kan, kò sì sí P tó dá wà láìní QRS lẹ́yìn. Ibi tó yẹ kí iná ti bẹ̀rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn P, ìlà tẹ́jú díẹ̀. Má rò pé ọkàn ń ṣeré níbẹ̀. Ọmọ Kétu ni ẹ́, o mọ Àkàbà Ìdènà: odi yí ìlú ká, ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ẹnu ọ̀nà ló ní láti gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọkàn. Iṣan tí kì í jẹ́ kí iná kọjá ló ṣe odi láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí. Níbẹ̀ ni iná ti ń fẹsẹ̀ falẹ̀, kí yàrá òkè lè ráyè da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tán. Láti ìbẹ̀rẹ̀ P dé ìbẹ̀rẹ̀ QRS ni a ń wọ̀n ọ́n: kàró kékeré mẹ́ta sí márùn-ún, ìyẹn 0.12 sí 0.20. Mẹ́rin ni ti bàbá, 0.16. Bó bá ju márùn-ún lọ, aṣọ́bodè ti ń dá iná dúró jù. Bí kò bá tó mẹ́ta, ó lè jẹ́ pé iná rí ọ̀nà ẹ̀bùrú kan gbà.

Gbàrà tí iná bá ti kọjá ìdènà, ó bọ́ sí títì: àwọn okùn tó ń sáré gbé e dé gbogbo ara yàrá ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni QRS, òun ló sì jẹ́ kó tínrín. Bí ìlà bá kọ́kọ́ já sísàlẹ̀, Q nìyẹn. Èyí tó lọ sókè ni R. Èyí tó tún já sísàlẹ̀ lẹ́yìn R ni S. Kì í ṣe gbogbo ojú ló ń rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kàn ń pe gbogbo rẹ̀ ní QRS náà ni. Ó ga ju P lọ nítorí pé ẹran yàrá ìsàlẹ̀ nípọn. Fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó kàró kékeré mẹ́ta. Ti bàbá jẹ́ méjì. Bó bá fẹ̀, a jẹ́ pé títì dí lápá kan, iná wá ń la inú ẹran kọjá bí ẹni ń la igbó.

Lẹ́yìn QRS, ìlà gbọ́dọ̀ padà sí ìpele tó wà kí P tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú dókítà máa ń kọ́kọ́ lọ bí àyà bá ń dun ènìyàn. Ti bàbá rẹ tẹ́jú.

Wàyí o, T. Yàrá ìsàlẹ̀ ti lo iná rẹ̀, ó ní láti gbà á padà kó tó lè tún ṣiṣẹ́, bíi bátìrì tí a tún gbé sórí iná. T ni gbígbà padà yẹn. Ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ohun tó dà mí láàmú nìyí: bí lílo iná bá ya ìlà lọ sókè, kò ha yẹ kí gbígbà á padà yà á lọ sísàlẹ̀? Kí ló dé tí T fi kọjú sókè bíi R? Ohun tó fa èyí ni pé àwọn tó kọ́kọ́ lo iná kọ́ ló kọ́kọ́ gbà á padà. Iná ń bẹ̀rẹ̀ láti apá inú ẹran ọkàn lọ sí apá òde rẹ̀, ṣùgbọ́n apá òde, tó gbẹ̀yìn, ló ń kọ́kọ́ sinmi. Àwọn tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì ń jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, àwọn náà ló ń kọ́kọ́ jáde. Iṣẹ́ yí padà, ọ̀nà tó gbà náà yí padà, nítorí náà ìlà tún lọ sókè. Gbígbà padà kì í yára, òun ni T fi fẹ̀ tó sì rọra dìde. Ní ojú I, II àti V3 dé V6, ó yẹ kó kọjú sókè. Ní V1, ó lè dorí kodò láìsí wàhálà. Yàrá òkè náà ń gba iná tirẹ̀ padà, àmọ́ àárín QRS ló bọ́ sí, QRS sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ó wá ku aVR rẹ. Òfin kan ló ń darí gbogbo ojú: iná tó bá ń bọ̀ wá bá ojú, ìlà á lọ sókè, èyí tó bá ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ìlà á já sísàlẹ̀. Rò ó báyìí pé ọkọ̀ kan kúrò ní Àjàṣẹ́, ó gba Ìtákété ń bọ̀ ní Kétu. Ìwọ tó dúró ní Kétu ń rí iwájú rẹ̀, èmi tí mo wà ní Àjàṣẹ́ ń rí ẹ̀yìn. Ọkọ̀ kan náà ni. Èjìká ọ̀tún ni aVR ti ń wòran, iná ọkàn sì ń ti apá ọ̀tún lókè lọ sí apá òsì nísàlẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí i. P, QRS àti T gbọ́dọ̀ dorí kodò níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé aVR kọjú sókè ni, ǹ bá fura. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti ṣe é rí, ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti kọ́ṣẹ́. Lára ẹ̀rọ tí a ń lò lọ́dọ̀ wa, okùn pupa ni ti ọwọ́ ọ̀tún, àwọ̀ ìyeyè ni ti ọwọ́ òsì, àwọ̀ ewé ni ti ẹsẹ̀ òsì, dúdú ni ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo fi pupa sí òsì. Ojú I dorí kodò látòkèdélẹ̀, aVR dìde, mo sì ti ń sọ fún ọ̀gá mi pé apá ọ̀tún ni ọkàn obìnrin náà wà. Ọ̀gá kò bá mi jiyàn, ó kàn fi ìka tọ V1 dé V6, àwọn ojú tó tò sórí àyà láti ọ̀tún lọ sí òsì. R kéré ní V1, ó ń ga bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé V5, bó ṣe yẹ. Bí ọkàn bá wà lápá ọ̀tún lóòótọ́, ńṣe ni R ì bá máa relẹ̀ sí i. Mo tún okùn so, ìlà sì tò.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n àyà ṣì máa ń fún bàbá bí wọ́n bá ru iṣu láti oko. Báwo ni bébà ṣe wá dáa?

Ìdáhùn: O ò sọ èyí fún mi lẹ́ẹ̀kan! Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni bébà yẹn gbà sílẹ̀, bàbá sì dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn lè dín, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá ṣì tó fún ẹni tó ń sinmi. Ìgbà tí ẹrù bá dé orí, tí ọkàn ń béèrè púpọ̀ sí i, ni àìtó á hàn, kò sì sí ẹ̀rọ nínú oko. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí o sọ ti iṣu fún un bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, kó lè mọ̀ bóyá wọn yóò ṣe ẹlẹ́kítírò nígbà tí bàbá ń rìn tàbí ń wa kẹ̀kẹ́. Kí wọ́n má ru ẹrù mọ́ ná. Bí àyà bá fún wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, tí kò lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí tí wọ́n ń làágùn tí èémí sì ń ká wọn, ẹ má dúró de dókítà yẹn, ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ jù ni kí ẹ gbé wọn lọ, lóru lọ́sàn-án. Mú bébà yìí dání. Wọn yóò ṣe tuntun, wọn á sì gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn wo ibi tó yí padà.