Síláìdì kan, ọ̀rọ̀ kan

Ẹni tó ń ta adìrẹ fẹ́ fi kàrúsẹ́ẹ̀lì Instagram, ìyẹn àtẹ̀jáde kan tó ní síláìdì mélòó kan tí à ń fà lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́ àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe máa fọ aṣọ wọn. Síláìdì kejì rẹ̀ kà báyìí: “Adìrẹ tuntun máa ń yọ aró, nítorí náà ẹ dá a fọ̀ nínú omi tútù, ẹ má fi bílíìṣì sí i, kí ẹ sì sá a sábẹ́ ibòòji.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ àṣẹ mẹ́rin ló wà nínú gbólóhùn kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí ọ̀rọ̀ kúrú ni àtúnṣe rẹ̀. Èrò yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Òkèlè kékeré tí eegun ẹja wà nínú rẹ̀ a máa há lọ́fun, òkèlè ńlá tó bá ọbẹ̀ ilá wọlé a sì lọ láìdúró. “Omi tútù, ibòòji” kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, síbẹ̀ ọ̀kan wà lẹ́bàá ike ìfọṣọ, èkejì wà lẹ́bàá okùn ìsáṣọ. Wo èyí tó gùn: “Ẹ dá adìrẹ tuntun fọ̀. Aró tí kò wọnú òwú ṣì wà lójú aṣọ, òun ló máa ń ràn mọ́ aṣọ mìíràn.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, nítorí àṣẹ àti ìdí rẹ̀ kì í pínyà.

Ibi tí a ti ń gé e nìyẹn: kì í ṣe gbogbo ibi tí “sì” tàbí “nítorí náà” bá wà, bí kò ṣe ibi tí ìdí ti yí padà. Bèèrè “kí ló dé?” lọ́wọ́ síláìdì kọ̀ọ̀kan. Bílíìṣì ń pa aró, oòrùn náà ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ìdáhùn méjì, síláìdì méjì.

Lẹ́yìn tí a bá gé e tán, “a” àti “i” inú gbólóhùn kò mọ ẹni tí wọ́n dúró fún mọ́. “Ẹ sá a sábẹ́ ibòòji” gbọ́dọ̀ di “Ẹ sá adìrẹ sábẹ́ ibòòji.” Nígbà mìíràn, síláìdì kejì ni Instagram máa ń gbé wá fún ẹni tó ti kọjá lórí àkọ́kọ́ láìfà á, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ lè dá dúró.

Síláìdì tó kẹ́yìn nínú kàrúsẹ́ẹ̀lì aláṣọ náà ń sọ pé: “Ẹ tẹ̀ lé wa, ẹ pín in, ẹ ra tiyín, líǹkì wà nísàlẹ̀.” Líǹkì tí a kọ sábẹ́ àwòrán lórí Instagram kò ṣeé tẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oníbàárà tó ń kọ́ bí a ṣe ń fọ aṣọ ti ní aṣọ lọ́wọ́. Ọjọ́ ìfọṣọ ló máa tún nílò ọ̀rọ̀ yìí. Ohun kan ṣoṣo tó bá a mu ni: “Ẹ tẹ àmì ìpamọ́, kí ẹ lè rí i lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fọ adìrẹ yín.” Iye ẹni tó pa á mọ́ yóò hàn sí ẹni tó ni ojú ìwé náà. Bí iye náà bá kéré, tí àwọn ènìyàn ṣì ń bèèrè nísàlẹ̀ bóyá omi gbígbóná dára, síláìdì omi tútù ni kó kọ́kọ́ tún kọ.