«Ẹ Bá Mi Ya Ilé Kan Tó Dára»

Ẹ̀gbọ́n kan pè mí láti Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kẹwàá tí bàbá àwọn papò dà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nínú oṣù Kejìlá, àwọn sì ń wá ẹni tó máa ya àwòrán síwájú ìwé ètò. «Ẹ ṣáà bá mi ya ilé kan tó dára.» Mo ní ó ti yé mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti san ìdajì owó.

Kò yé mi rárá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ya ilé funfun kan: fèrèsé gíláàsì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, koríko tí wọ́n gé kanlẹ̀. Ẹni tó bá rí i á ní olówó ló ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní: «Àbúrò, ilé yìí dára o. Ṣùgbọ́n ilé ta ni?»

Iṣẹ́ àwòrán ni mo fi ń jẹun ní Ìjẹ̀bú-Òde, pẹ́ńsùlù àti ọ̀dà olómi ni mo sì ń lò jù. Mo lè ya òrùlé, mo lè ya òpó, mo lè ya òjìji òpó lára ògiri. «Dára» ni mi ò lè yà, torí kò sí lára ilé, ojú ẹni tó ń wo ilé ló wà. Ẹlòmíràn ní i lọ́kàn pé ilé tuntun ló dára. Oníṣòwò obì kan ní Ṣàgámù tó gbéṣẹ́ fún mi rí, ilé tó dára lójú tirẹ̀ ni ilé tí àyè àpò obì wà nísàlẹ̀, tí ọkọ̀ ńlá sì lè fẹ̀yìn rìn wọ àgbàlá rẹ̀. Ilé tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n Èkó yìí sí ni wọ́n ń sọ ní tiwọn. Èmi ni mi ò béèrè, ọwọ́ mi sì ya ohun tó ti mọ́ ọn lára, ìyẹn ilé inú kàlẹ́ńdà.

Kì í wá ṣe pé kéèyàn da ogún ìbéèrè bo oníbàárà o. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ náà rí. Tó bá di ìkarùn-ún, ohun tí wọ́n á máa sọ ni «èyí tó bá ṣáà wù yín», ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ náà la tún padà sí. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń wo ohun tó máa dùn mí jù láti yí padà tí àwòrán bá ti parí, òun ni mo máa kọ́kọ́ béèrè. Àwọ̀ ìlẹ̀kùn kì í ṣe wàhálà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibi tá a dúró sí wo ilé ló yí padà, pépà tuntun ni.

Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi ẹ̀gbọ́n nígbà tá a tún jókòó sọ ọ́ kò kan ilé rárá. Mo ní: «Báwo ni ìwé ètò náà ṣe tóbi tó, kí lẹ sì máa kọ sójú rẹ̀?» Wọ́n ní ìwọ̀n A5 ni, ní òòró, orúkọ bàbá àti ọjọ́ ètò á sì wà lókè. Ìdáhùn yìí nìkan ti ya ìdajì àwòrán fún mi. Ojú ìwé A5 jẹ́ mìlímítà 148 ní ìbú, 210 ní gíga. Atẹ̀wé á gé bíi mìlímítà mẹ́ta kúrò létí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ ya àwòrán kọjá etí yẹn, kí n má sì fi ohun pàtàkì kankan síbẹ̀. Bí mo bá sì yọ àyè orúkọ kúrò lókè, ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú ìwé ló kù fún ilé.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Fótò tí wọ́n fi ránṣẹ́ fi hàn pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ilé náà, irú èyí tí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú ń kọ́ lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ́n ọdún 1892, tí wọ́n wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ lára ilé àwọn Àgùdà tó ti Brasil padà sí Èkó: fèrèsé márùn-ún lókè, ọnà ṣìmẹ́ńtì yí fèrèsé kọ̀ọ̀kan ká, baránńdà kékeré láàárín lórí ẹnu ọ̀nà. Ilé fífẹ̀ ni. Bí mo bá ya ilé tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ ní ojúkojú sórí pépà tó dúró ní òòró, á rí pẹlẹbẹ bíi páálí ìṣáná tí wọ́n gbé sílẹ̀. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 128, gíga rẹ̀ ò ní ju 64 lọ. Ojú ọ̀run á pọ̀, ilẹ̀ á pọ̀, ilé fúnra rẹ̀ á kéré láàárín.

Ìyẹn ló mú mi dé ìbéèrè kejì: níbo la dúró sí? Mi ò bi wọ́n báyẹn ṣá, torí kò ní yé wọn. Mo ní: «Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá rántí ilé yẹn, ibo lẹ máa ń rí ara yín?» Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn máa ń rí ara àwọn ní kọ̀nà, tí àwọn ń ti iléèwé bọ̀. Ó bọ́ sí i! Ẹni tó bá dúró sí kọ̀nà, igun ilé ló ń wò. Iwájú ilé á kúrú lójú rẹ̀ bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, igun tó sún mọ́ ọn á sì ga. Ilé tó fẹ̀ ju pépà lọ lójúkojú ti wá bá pépà mu, mi ò sì purọ́ mọ́ ilé.

Ọmọ iléèwé ni wọ́n nígbà náà, mo sì ní kí n má fi ìyẹn ṣòfò. Ìlà ojú, ìyẹn ibi gíga ojú ẹni tó ń wo nǹkan, ló ń pinnu bí ilé ṣe máa tóbi lójú wa. Ojú àgbàlagbà tó dúró wà ní bíi mítà kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ sílẹ̀. Ti ọmọ ọdún méje ò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Mo fa ìlà ojú wálẹ̀ dé ibẹ̀, baránńdà sì gòkè, òrùlé yọ síta lókè orí wa. Àṣìṣe tó máa ń wáyé níbí ni ti èèyàn tí a bá yà síwájú ilé. Mo ya bàbá síbi ẹnu ọ̀nà nínú àwòrán àkọ́kọ́, orí wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà. Ẹnu ọ̀nà jẹ́ bíi mítà méjì àti díẹ̀ ní gíga, èèyàn ò sì ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí àwòrán tí ilé rẹ̀ ń jọ ilé ọmọláńgidi tẹ́ ẹ ò sì mọ ohun tó ṣe é, ẹ fi ọwọ́ wọn ènìyàn inú rẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn.

Fótò náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ẹni tó yà á sún mọ́ ilé jù, ó sì gbé fóònù sókè kó lè rí òrùlé, ni ògiri méjèèjì bá ń tẹ̀ síra wọn lókè bí ẹni pé ilé fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Mo mú ọnà fèrèsé àti iye òpó baránńdà níbẹ̀, mo sì tún ògiri nà ró.

Ìbéèrè kẹta ni wákàtí. Ẹ̀gbọ́n ti ní àwọn fẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn aláwọ̀ wúrà máa tàn sójú ilé. Mo bi wọ́n pé ibo ni ojú ilé kọ sí. Ìlà oòrùn ni. Kò lè ṣeé ṣe nìyẹn, torí nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ilé ni oòrùn wà, iwájú rẹ̀ á wà lábẹ́ òjìji. Mo lè ya iná àtùpà sójú fèrèsé tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ dandan ni wọ́n fẹ́, àmọ́ oòrùn ò ní sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ilé náà rí máa mọ̀ pé irọ́ ni, bí kò bá tilẹ̀ lè sọ ìdí rẹ̀. Mo wá yí ìbéèrè padà: «Ìgbà wo ni bàbá máa ń jókòó síta?» Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní àárọ̀, ìgbà ọyẹ́, wọ́n á gbé àga síwájú ilé yáàrùn.

Ìdáhùn yẹn dí ihò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Oòrùn àárọ̀ máa tàn sójú ilé tààrà, ó sì wà nísàlẹ̀, nítorí náà òjìji etí òrùlé á kúrú, ìmọ́lẹ̀ á wọ abẹ́ baránńdà lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀sán gangan ni, òjìji yẹn á gùn wálẹ̀ bo ọnà ṣìmẹ́ńtì tí gbogbo ilé fi ń yangàn. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń yọ díẹ̀ sí apá gúúsù, ẹ̀gbẹ́ ilé tó kọjú sí àríwá á sì wà lábẹ́ òjìji. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni mo fi hàn láti igun, kí ògiri kan mọ́, kí èkejì ṣú, kí igun ilé lè yọ síta. Ojú ọ̀run ọyẹ́ kì í sì í ní àwọ̀ búlúù. Ó máa ń funfun bí eérú ni, orúkọ bàbá sì máa hàn ketekete lórí rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ fún ìgbẹ̀yìn: «Kí ni kò gbọ́dọ̀ má sí níbẹ̀?» Èmi ò retí ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ní ẹnu ọ̀nà, láàárín rẹ̀, ti jẹ wọlé, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ ilé ń jókòó sí. Ìlà kékeré kan tó tẹ̀ wálẹ̀ ni mo fi yà á.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé: ẹ béèrè ẹni tó máa sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ọmọ márùn-ún ni bàbá bí. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí pánù òrùlé tàn bíi tuntun, nítorí àlejò. Àbúrò wọn obìnrin ní kò sígbà kan tóun mọ òrùlé yẹn tí kò pupa fún ìpẹtà. Mo ya mẹ́ta kéékèèké, èyí tó tóbi jù nínú wọn ò ju páálí ìṣáná lọ, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé kí wọ́n mú ọ̀kan kí n tó fọwọ́ kan pépà gidi. Pánù pupa ló borí, mẹ́rin sí ẹyọ kan.

Ọ̀sẹ̀ kan kí ètò tó wáyé, nígbà tí àwòrán ti gbẹ tán, àbúrò yìí tún pè: ìlẹ̀kùn kì í ṣe aláwọ̀ ilẹ̀ o, ewé ni, ewé tó ti ń ṣá. Mo po ewéko mọ́ ìyeyè díẹ̀, mo fi omi là á, mo sì fi búrọ́ṣì tín-ín-rín kùn ún lé ti tẹ́lẹ̀. Tíì tí mo gbé kalẹ̀ kò tíì tutù nígbà tí mo parí.